Awẹ́ Márùn-ún Nínú Ìwàásù Ogójì Ìṣẹ́jú

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Òtítọ́ ni òwe yìí láàárín ẹni méjì tí wọ́n mọ ara wọn, tí wọ́n sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. Kì í ṣe òtítọ́ lórí fóònù. Ẹni tí ó bá fídíò ìṣẹ́jú kan pàdé lórí WhatsApp kò sí ní ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kò mọ ohun tí oníwàásù sọ ṣáájú, kò sì ní gbọ́ èyí tí ó sọ lẹ́yìn. Bí a bá fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, ohun tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò fi sọ àbọ̀ náà di odidi.

Orè ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ gígé ìwàásù sí fídíò kéékèèké. Ìlú oríta ni Orè. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ṣàgámù lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Òǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa sì pàdé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò tí ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn máa ń dúró kí èrò jẹun kí wọ́n tó máa bá ìrìn wọn lọ. Ẹni tí ó bá gba fídíò lórí fóònù rẹ̀ nígbà tí ó ń dúró de ìrẹsì lè má tún gba Orè kọjá mọ́ títí ọdún yóò fi yí po. Kò ní padà wá bi wá pé kí ni pásítọ̀ ní lọ́kàn. Ohun tí a bá gé fún un ni yóò gbé lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fi obì wé iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá mọ obì àbàtà kì í fi ọ̀bẹ là á. Ó máa ń wá ojú ìlà tí obì fúnra rẹ̀ ti ní, yóò sì ya á níbẹ̀, awẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì jáde ní odidi. Ìwàásù náà ní ojú ìlà tirẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ń gé e ni kí ó wá ìlà wọ̀nyí rí. Bí ó bá fi ọ̀bẹ là á láàárín, èérún obì ni yóò kó lé àlejò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìwàásù kan tí mo gé gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ogójì ìṣẹ́jú géérégé ni, ní èdè Yorùbá. Orí ìdáríjì ni ó dá lé, láti inú Ìhìn Rere Mátíù orí 18, ẹsẹ 21 sí 35. Ìtàn náà kò ṣàjèjì. Pétérù béèrè bí ó bá tó kí òun dárí ji arákùnrin òun lẹ́ẹ̀méje. Jésù dá a lóhùn pẹ̀lú òwe ọba kan tí ó fi gbèsè ńlá ji ẹrú rẹ̀, tí ẹrú náà sì jáde lọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí gbèsè kékeré.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé n kò ṣí CapCut rárá. Ìwé àti bírò ni mo mú. Mo gbọ́ ìwàásù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, mo sì ń kọ ohun méjì sílẹ̀: ìṣẹ́jú tí èrò tuntun bẹ̀rẹ̀, àti gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó sọ ohun tí èrò náà jẹ́. Bí n kò bá lè fi gbólóhùn kan sọ ọ́, a jẹ́ pé èrò náà kò tíì parí, tàbí pé méjì ni ó lẹ̀ mọ́ra. Orin, ìkíni, ẹ̀fẹ̀ àti àtúnsọ wà nínú gbogbo ìwàásù, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí ó jókòó ní ìjọ, nítorí wọ́n ń fún un láyè láti mí. Ẹni tí ń wo ìṣẹ́jú kan lórí fóònù kò nílò wọn. Nígbà tí mo yọ wọ́n kúrò lórí ìwé mi, èrò mẹ́sàn-án ni ó kù.

Ìgbà náà ni mo bi ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án yìí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ ìṣòro tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí wà nínú rẹ̀, àbí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ni pásítọ̀ ti sọ ọ́? Ǹjẹ́ ìdáhùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ó fi ẹsẹ̀ tì nínú Bíbélì? Ǹjẹ́ ààlà ìdáhùn náà wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ta ni kò sì kàn? Èrò mẹ́rin kò yege. Méjì nínú wọn jẹ́ ìdáhùn tí kò ní ìṣòro, àwọn méjì yòókù sì jẹ́ àlàyé lórí ohun tí ẹni tí kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò lè tẹ̀lé. Márùn-ún tí ó kù ni mo gé.

Awẹ́ kìíní wà láti 06:10 sí 07:18. Pásítọ̀ béèrè ìdí tí Pétérù fi mú iye kan wá. Ó ní ẹni tí ń ka iye ìgbà tí òun dárí jì ṣì ń tọ́jú ìwé gbèsè, ó kàn ń retí ọjọ́ tí ìwé náà yóò kún ni. Odidi ni èyí: ìbéèrè wà níbẹ̀, ìdáhùn sì wà níbẹ̀.

Awẹ́ kejì, láti 11:40 sí 13:05, jẹ́ ìṣirò. Ọgọ́rùn-ún denáríù ni ẹlẹgbẹ́ ẹrú náà jẹ ẹ́, denáríù kan sì ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe. Nítorí náà, gbèsè kékeré yẹn tó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Pásítọ̀ bi àwọn àgbẹ̀ kòkó tí ó wà níbẹ̀ pé mélòó nínú wọn ni ó lè gbàgbé owó alágbàṣe ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Kò fi í ṣeré. Lẹ́yìn náà ni ó kan gbèsè ńlá: ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì, tálẹ́ńtì kan sì tó nǹkan bí 6,000 denáríù. Iṣẹ́ òòjọ́ mílíọ̀nù ọgọ́ta nìyẹn. Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ ní 300 ọjọ́ lọ́dún, yóò gbà á ní 200,000 ọdún. Awẹ́ yìí ni ó gùn jù, nítorí pé bí a bá gé ìdajì ìṣirò kúrò, gbèsè kékeré náà yóò dà bí ohun ẹ̀gàn, pásítọ̀ yóò sì dà bí ẹni tí ń fi ìyà àwọn ènìyàn ṣẹ̀fẹ̀.

Awẹ́ karùn-ún, láti 35:20 sí 36:36, sọ pé ọba náà kọ́kọ́ ṣí ìwé ìṣirò kí ó tó dárí jì. Kò sọ pé gbèsè kò sí rí. Ìdáríjì kì í ṣe pé kí a sẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìwọ̀nyí kò nira láti gé. Awẹ́ kẹrin àti ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí.

Awẹ́ kẹrin dá lórí ẹsẹ 31, níbi tí àwọn ẹrú yòókù ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tí inú wọn bàjẹ́, tí wọ́n sì lọ sọ fún ọba. Mo gé e lọ́nà méjì láti dán an wò. Èkíní bẹ̀rẹ̀ ní 24:00, níbi tí ohùn pásítọ̀ ti le jù: ó ní wọ́n rí i, wọn kò dákẹ́, wọ́n lọ sọ ọ́. Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní 23:48, ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá ṣáájú, níbi tí pásítọ̀ ti fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ọba nìkan ni ó ni ẹjọ́ náà, òun nìkan ni ó sì lè yí i padà.

Mo gbé àwọn méjèèjì lọ sí Òdígbó, sọ́dọ̀ ìbátan mi kan tí ń ta aṣọ níbẹ̀, tí kò sí ní ìjọ lọ́jọ́ yẹn. Báyìí ni mo ṣe máa ń dán gbogbo awẹ́ wò. N kì í béèrè bóyá ó dára, nítorí gbogbo ènìyàn ni yóò ní ó dára. Mo máa ń ní kí ẹni náà sọ fún mi ní gbólóhùn kan ohun tí oníwàásù ní kí ó ṣe. Mo fi èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 24:00 hàn án.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ní bí wọ́n bá ṣe nǹkan burúkú lójú èèyàn, kéèyàn máa sọ ọ́ káàkiri ni.”

Mo fi èkejì hàn án. Ó wò ó tán, ó ní, “Ó ní kéèyàn wá ẹni tó lè bá wọn dá sí i lọ, kó má gbé e lọ sọ́jà.”

Ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn àti òfófó. Ohun tí ó sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni pé ibi tí ohùn ti ròkè jù ni ọwọ́ máa ń fẹ́ gbé ọ̀bẹ sí, nígbà tí ó jẹ́ pé ohùn jẹ́jẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó gbé ìtumọ̀ dání. Àmì kan wà tí a fi lè mọ ìbẹ̀rẹ̀ tí kò tíì tó ìbẹ̀rẹ̀: bí gbólóhùn àkọ́kọ́ bá ní “ó” tàbí “wọ́n” tàbí “ìyẹn” tí a kò tíì dárúkọ ẹni tàbí ohun tí ó ń tọ́ka sí, ìlà obì ṣì wà níwájú, a ní láti padà sẹ́yìn.

Òpin náà ní àmì tirẹ̀. Mo máa ń gbọ́ odidi ìṣẹ́jú méjì kọjá ibi tí mo fẹ́ gé sí. Ohun tí mo ń wá ni “ṣùgbọ́n”, “àmọ́”, àti “n kò sọ pé”. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yọjú, tí ó sì ń tọ́ka sí ohun tí mo fẹ́ gé, inú awẹ́ náà ni ó yẹ kí ó wà. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí “ṣùgbọ́n” kì í wá láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ibi tí awẹ́ kẹta ti di ọ̀ràn nìyẹn.

Ní 17:30, pásítọ̀ sọ̀rọ̀ fún àwọn tọkọtaya. Ó ní ẹni tí a jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan ni ó ṣòro jù láti dárí jì, nítorí pé àná ni ó ṣẹ̀ wá, òní ni a tún rí i, yóò sì tún ṣẹ̀ wá lọ́la. Ó ní kí a dárí jì í síbẹ̀, kí a má sì kúrò. Gbólóhùn náà dùn, ó parí ní 18:12, ìṣòro, ìdáhùn àti ẹsẹ Bíbélì sì wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélógójì péré ni. Ẹnikẹ́ni tí ń wá fídíò tí àwọn ènìyàn yóò fi ránṣẹ́ sí ara wọn yóò kọ́kọ́ mú èyí.

Ní 31:15, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lẹ́yìn ìgbà náà, pásítọ̀ kan náà sọ pé òun kò bá ẹni tí wọ́n ń lù wí. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ń lù nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, kí ó dé ibi tí ewu kò sí, kí ó sì sọ fún ẹni tí ó lè gbà á. Ibẹ̀ ni yóò ti máa ro ti ìdáríjì. Ìṣẹ́jú-àáyá márùndínlógójì ni ó fi sọ èyí.

Ẹni tí ó jókòó ní ìjọ gbọ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò bí awẹ́ kẹta bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélógójì àkọ́kọ́ nìkan, tí ìyá ọkọ kan sì fi í ránṣẹ́ sí ìyàwó tí ojú rẹ̀ wú. Kò sí irọ́ kankan nínú fídíò náà. Ohùn pásítọ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, a kò fi kún un. Síbẹ̀ ó ti sọ òdìkejì ohun tí pásítọ̀ sọ fún obìnrin yẹn.

Ọ̀ràn yìí ti wà kí fóònù tó dé. Bíbélì fúnra rẹ̀ ni a ti gé sí awẹ́. Ní 1551 ni Robert Estienne, atẹ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi nọ́ńbà sí ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun bí a ṣe ń lò ó lónìí. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ó mú kí ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó wù wá. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ 21 nínú Mátíù orí 18 yóò bá ìdáríjì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ 15, yóò kọ́kọ́ rí i pé kí a lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀ wá, kí a sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, kí a mú ẹlẹ́rìí lọ bí kò bá gbọ́, kí a sì gbé e dé iwájú ìjọ. Ààlà ìdáríjì wà nínú orí kan náà, ẹsẹ mẹ́fà péré ṣáájú.

Mo pe pásítọ̀ lórí fóònù. Mo ní, “Ẹ káalẹ́, Bàbá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè dá gé láìgbọ́ tẹnu yín.” Mo ka ibi méjèèjì sí i létí, mo sì sọ ọ̀nà mẹ́ta tí ó wà: kí a fi awẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá, kí ó jókòó ká gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tun, tàbí kí a so ibi méjèèjì pọ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, mo fi ìyẹn sẹ́yìn nítorí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò jáde kí n tó parí. Àwọn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí lè jáde nígbàkigbà. Ẹ so ó pọ̀. Bí kò bá ṣeé so pọ̀, ẹ má gbé e jáde.”

Síso pọ̀ ní òfin tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ rí i dájú pé n kò yí ètò padà: ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni ó kọ́kọ́ wá. Èkejì, n kò fi ojú gígé náà pamọ́. Mo jẹ́ kí ojú fídíò funfun fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, mo sì kọ “Nígbà tó yá, nínú ìwàásù kan náà” sí i, kí òǹwòran má baà rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni pásítọ̀ sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹta, oníwàásù wò ó, ó sì fọwọ́ sí i kí ó tó jáde. Awẹ́ náà di ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó gùn ju èyí tí ó dùn lọ, ṣùgbọ́n odidi ni.

Ìṣọ́ra mìíràn kù, ti èdè wa ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo fídíò nínú ọkọ̀ láìsí ohùn, nítorí náà mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ pásítọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Nínú awẹ́ kejì, pásítọ̀ sọ fún ẹni tí ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ onígbèsè rẹ̀ pé, “Fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.” Bí mo bá tẹ ọ́ láìsí àmì ohùn, obìnrin tí ó ń kà á lè kà á sí “Fi ọkọ rẹ sílẹ̀.” Àmì kékeré méjì ni ó wà láàárín kí a dá ọkọ̀ padà fún onígbèsè àti kí a tú ìgbéyàwó ká. Bákan náà ni “má” àti “kò”: wọ́n kéré, wọ́n sì lè bọ́ sọnù bí a bá gé ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí bí a bá jẹ́ kí ohùn máa ròkè díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo máa ń fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá sílẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo sì máa ń jẹ́ kí ohùn bẹ̀rẹ̀ ní kíkún.

Gbogbo awẹ́ márùn-ún pa pọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí kò sí nínú wọn, mo sì máa ń jẹ́ kí òǹwòran mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí ìwàásù, ẹsẹ Bíbélì àti ọjọ́ tí a wàásù rẹ̀ máa ń wà lójú àwòrán fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sí abẹ́ fídíò lè já kù lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń fi í ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìwàásù ni ó ní awẹ́ márùn-ún. YouTube tí ń gba ìṣẹ́jú kan péré fún fídíò kékeré ti fi ààyè sílẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú mẹ́ta láti oṣù kẹwàá 2024, nítorí náà kò sí ìdí láti fún ọ̀rọ̀ mọ́ ìṣẹ́jú kan bí kò bá gbà á. Àwọn ìwàásù kan jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò hàn títí di ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Irú èyí, obì tí kò ní ìlà ni. Odidi ni mo máa ń fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní ogójì ìṣẹ́jú láti fi gbọ́ ọ.